Nígbà tí Ìtumọ̀ Kan Ṣoṣo Bá Ṣẹ́kù

Ọmọ ilé-ìwé kan jókòó sídìí ìdánwò èdè Yorùbá. Ìbéèrè tó dé iwájú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí i: ọ̀rọ̀ márùn-ún wà lápá òsì, ìtumọ̀ márùn-ún wà lápá ọ̀tún, kó fi ìlà so wọ́n pọ̀. Ó mú rúlà. Ó mọ àwọ̀n, ó fà á lọ sọ́dọ̀ apẹja. Ó mọ abẹ, ó fà á lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó ti rí adẹ́mu lórí ọ̀pẹ rí, igbà ò lè ṣòro fún un. Ó rántí pé olùkọ́ fi àwòrán ẹmú hàn wọ́n. Ó wá ku ẹwìrì. Ọ̀rọ̀ yẹn ò dún létí rẹ̀ rí, ìbá à jẹ́ nílé tàbí ní kíláàsì. Àmọ́ nígbà tó wo apá ọ̀tún, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí ìlà ò tíì kàn: “ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná.” Ó fa ìlà karùn-ún, ó sì gba máàkì 5 nínú 5.

Ẹni tó bá wo ìwé yẹn á ní ọmọ yìí mọ ẹwìrì. Kò mọ̀ ọ́n. Àyè tó ṣófo ló tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹ̀bi kò sí nínú ìbéèrè ká-so-ó-pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn olùkọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í pẹ́ẹ́ máàkì, ojú ìwé kékeré ló sì ń gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iye tó dọ́gba lápá méjèèjì ló ń bà á jẹ́. Bí ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ kan péré, tí kò sì sí èyí tó lé, gbogbo èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ̀ ni yóò máa bá a ti èyí tí kò mọ̀ sí kọ̀rọ̀, títí tí kò fi ní í ríbi sá sí mọ́. Èyí tó bá kẹ́yìn, ọ̀fẹ́ ni.

Ìpalára kejì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Ká sọ pé ọmọ mìíràn mọ mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì ló kù fún un, ìtumọ̀ méjì ló sì kù. Bó bá méfò tó bọ́ sí i, méjèèjì ló gbà pọ̀. Bó bá ṣì í, méjèèjì ló sọnù, nítorí pé ẹni tó bá gbé ìtumọ̀ ẹwìrì fún ẹmú ti fi túláàsì gbé ti ẹmú fún ẹwìrì. Nítorí náà, yálà kó gba 5 tàbí kó gba 3. Ẹni tó bá dáhùn gbogbo rẹ̀, tó sì lo ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kò lè gba 4 láéláé. Olùkọ́ tó bá ní ìwé ìdánwò àtijọ́ nínú àpótí lè yẹ̀ ẹ́ wò: 5 á pọ̀ níbẹ̀, 3 á wà, ṣùgbọ́n 4 á wọ́n bí ojú. Ọmọ tó sì gba 3 yẹn lè mọ̀ ju ohun tí máàkì rẹ̀ ń sọ lọ.

Nídìí tẹ́tẹ́ ni ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1708, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Rémond de Montmort tẹ ìwé jáde lórí eré orí-ire, ó sì gbé eré káàdì kan yẹ̀ wò nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti máa ń wò ó bóyá káàdì kan á jáde ní ipò tó bá nọ́ńbà rẹ̀ mu. Ohun tó ń jáde nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rí bákan létí: bí èèyàn bá da nǹkan rú, tó tún tò ó láìwò, ní ìpíndọ́gba, ẹyọ kan ni yóò bọ́ sí àyè rẹ̀, ìbá à jẹ́ márùn-ún ló tò, ìbá à jẹ́ àádọ́ta. Èyí já sí pé olùkọ́ tó bá sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún di ogún ní ìhà méjèèjì nítorí àtidènà àméfò ò tíì dènà ohunkóhun. Ẹni tí kò mọ ẹyọ kan nínú ogún ṣì ń retí máàkì kan, ẹni tó sì mọ mọ́kàndínlógún ṣì ń gba èyí tó kẹ́yìn lọ́fẹ̀ẹ́.

Níbo ni wọ́n ti wá ojútùú rẹ̀? Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lọ lágbo àwọn tó ń dán ìmọ̀ ọ̀rọ̀ wò wá láti ìlú Wẹ́líńtọ̀nù, ní Niu Sílándì. Níbẹ̀ ni Paul Nation, olùkọ́ yunifásítì tó fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀, ti gbé ìdánwò kan jáde ní 1983 láti mọ ibi tí ìmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ dé. Ó to àwọn ọ̀rọ̀ ní ìpele-ìpele bí wọ́n ṣe wọ́pọ̀ sí, láti orí ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tí kì í bá pàdé, títí dé ìpele 10,000. Dípò kó tẹ́ ogún ọ̀rọ̀ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dì wọ́n ní ìdì kéékèèké. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló máa ń wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ mẹ́ta péré ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yóò ṣẹ́kù tí wọn ò ní ẹni tí wọn yóò bá so. Ní 2001, Norbert Schmitt, Diane Schmitt àti Caroline Clapham tún ìdánwò náà ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ìdì mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìtumọ̀ ọgbọ̀n. Wọn ò fọwọ́ kan mẹ́fà-sí-mẹ́ta náà.

Ẹ wo ohun tí mẹ́fà-sí-mẹ́ta yẹn ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìtumọ̀ méjì nínú mẹ́ta yóò fa ọ̀rọ̀ méjì yọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ṣì ń wò ó lójú fún ẹ̀kẹta. Bí kò bá mọ nǹkan kan nípa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà kan nínú mẹ́rin ni yóò bọ́ sí i. Nínú mẹ́ta-sí-mẹ́ta, ì bá ti gbà á láìjanpata. Ẹni tó sì ṣi ọ̀kan kò fi dandan ṣi ìkejì, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó mú láìtọ́ lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó lé. Nípa bẹ́ẹ̀, máàkì 2 nínú 3, tí kò ṣeé rí tẹ́lẹ̀, wá di ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Àwọn ìdánwò ńlá mìíràn náà ń lo ọgbọ́n yìí. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí Kéńbíríìjì ń ṣe fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà, èèyàn márùn-ún ni wọ́n á ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n á wá fi àyọkà kéékèèké mẹ́jọ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ kó mú èyí tó bá oníkálukú mu. Mẹ́ta ò ní ẹni tó ni ín.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí á sáré fi ìtumọ̀ mẹ́ta kún márùn-ún tó wà nílẹ̀, á di mẹ́jọ. Kò burú, àmọ́ ó ní ohun tó ń náni. Ìtumọ̀ gùn, ọ̀rọ̀ kúrú. Ọmọ tó ní gbólóhùn mẹ́jọ láti kà fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á máa lọ á máa bọ̀ lójú ìwé, á rẹ̀ ẹ́, ìdánwò ọ̀rọ̀ á sì di ìdánwò ìwé kíkà. Ìdí nìyẹn tí Nation fi jẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ló lé, kì í ṣe ìtumọ̀. Gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ á kà, á sì fi ojú wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ láàárín mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi ń túmọ̀ gbọ́dọ̀ rọrùn ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń béèrè lọ. Kò sí èrè nínú kí wọ́n túmọ̀ ẹwìrì sí “èlò ìtú-atẹ́gùn-sínú-ìléru.” Ẹni tí kò bá dá a níbẹ̀, ta ló mọ èyí tó dí i lọ́wọ́?

Bí wọ́n bá tún ìbéèrè ọmọ wa ìṣáájú tò báyìí, yóò rí bí èyí. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà, bí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ṣe tò wọ́n: abẹ, àwọ̀n, ẹmú, ẹwìrì, igbà, ọmọ owú. Ìtumọ̀ mẹ́ta: ohun tí a fi ń fá irun, ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, ohun tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Wọ́n á kọ ọ́ sókè gedegbe pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yóò ṣẹ́kù, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtọ́ni yìí kì í ṣe ohun tí à ń fò dá. Ọmọ tí wọn ò sọ fún, tó wá rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kù nílẹ̀, á rò pé òun ti ṣe nǹkan kan láìtọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó ti gbà rẹ́.

Ọmọ náà tún jókòó. Ó fi abẹ fá irun, ó fi igbà gun ọ̀pẹ. Ó ku iná alágbẹ̀dẹ, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló sì wà níwájú rẹ̀: àwọ̀n, ẹmú, ẹwìrì, ọmọ owú. Ó mọ àwọ̀n, ó yọ ọ́ kúrò. Ó mọ ẹmú, òun náà jáde. Ó wá ku ẹwìrì àti ọmọ owú. Bí kò bá mọ̀ pé ọmọ owú ni alágbẹ̀dẹ fi ń lu irin, kò lè dá èyí tó jẹ́ ìdáhùn mọ̀ dájú. Bó bá sì mọ ìyẹn náà, ẹwìrì yóò tún bọ́ sí i lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ibí yìí ni àlàyé àwọn ìwé kan ti máa ń kánjú kọjá. Àfikún kì í pa ọgbọ́n ká-yọ-ó-kúrò run pátápátá, ó kàn ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n ni. Níbi tí iye bá ti dọ́gba, ọmọ yẹn ní láti mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin kó tó rí ìkarùn-ún gbà lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti bá a wọ máàkì wá. Nínú mẹ́fà-sí-mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ tún mọ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò fún un ní máàkì lé lórí. Tó bá mọ gbogbo ìyẹn, kò kúkú jìnnà sí ẹni tó mọ ẹwìrì. Ohun tí èyí ń sọ fún olùkọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó lé kò gbọ́dọ̀ rọrùn ju ọ̀rọ̀ tó ń béèrè lọ. Bó bá fi ṣíbí, bàtà àti ìwé kún ẹwìrì, wọn ò lé rárá lójú akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìdánwò ti Wẹ́líńtọ̀nù, inú ìpele kan náà ni wọ́n ti ń ṣa ọ̀rọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Irú ọ̀rọ̀ náà tún ṣe pàtàkì, èdè Yorùbá sì ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń tú àṣírí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ nínú èdè wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹni tí”, “ibi tí” tàbí “ohun tí.” Bí àgbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ àti ẹwìrì bá wà nínú ìdì kan náà, tí ìtumọ̀ sì jẹ́ “ibi tí…”, “ẹni tí…” àti “ohun tí…”, ọmọ tí kò mọ̀ ju pé “alá-” sábà máa ń tọ́ka sí èèyàn ti rí ọ̀nà gbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà lójú ìwé lè má ju méjì lọ lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìdì kan ló yẹ kó jẹ́ ohun èlò, tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ ibi, tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ ìṣe.

Àṣírí mìíràn wà nínú bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá béèrè ìgbálẹ̀, tó sì túmọ̀ rẹ̀ sí “ohun tí a fi ń gbá ilẹ̀”, ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Ìyarun náà nìyẹn, “ohun tí a fi ń ya irun.” Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ á fi ojú ṣà á jọ láìmọ nǹkan ọ̀hún. Òòyà ló yẹ kí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ béèrè, nítorí pé òòyà kì í sọ ohun tó ń ṣe. Ìdì tiwa náà ò bọ́ nínú irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀, ìdàkejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ọmọ tó rí “adẹ́mu” nínú ìtumọ̀ lè sáré lọ mú ẹmú, torí pé ẹmu àti ẹmú jọ ara wọn lójú. Ẹmu ni à ń mu, ẹmú ni alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú. Ẹni tó ṣì í síbẹ̀ lè mọ igbà dáadáa, ojú ló tàn án jẹ. Ó sàn kí ìtumọ̀ náà di “ohun tí a fi ń gun ọ̀pẹ”, kí adẹ́mu máa lọ sílé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn wá kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá jẹ àmì orí igbà, ohun tó kù lè jẹ́ igbá tí à ń bù omi, ó lè jẹ́ ìgbà tó ń lọ, ó lè jẹ́ ìgbá tí à ń jẹ. Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tó yí i ká á ràn án lọ́wọ́. Nínú ìdì mẹ́fà-sí-mẹ́ta, ọ̀rọ̀ dá dúró ni, kò ní alábàárò. Ẹni tó bá ń ṣètò irú ìdánwò yìí ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ka ẹ̀dà tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, kì í ṣe èyí tó kọ pẹ̀lú ọwọ́.

Àṣìṣe kan ṣì wà tó burú ju gbogbo wọn lọ: kí ọ̀rọ̀ tó lé tún jẹ́ ìdáhùn tó tọ̀nà. Bí ìtumọ̀ bá jẹ́ “ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń ṣiṣẹ́”, ẹmú tọ̀nà, ẹwìrì tọ̀nà, ọmọ owú náà tọ̀nà, ọmọ tó sì mọ̀ jù ni yóò ṣiyèméjì jù. Ọ̀nà tó yá jù láti rí i ni kí olùkọ́ gbé ìdì náà fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá dénú, kó má fún un ní ìdáhùn. Níbi tí onítọ̀hún bá ti dúró tó béèrè pé “èwo lẹ fẹ́ gan-an?”, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Ó ku àríyànjiyàn kan tí kò tíì parí láàárín àwọn onímọ̀: ṣé kí àwọn ọ̀rọ̀ tó lé jọ ìdáhùn ni, àbí kí wọ́n jìnnà sí i? Nation mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ìdì kan jìnnà síra ní ìtumọ̀, kí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kan ní díẹ̀ lè rí nǹkan gbà. Bí ẹwìrì nìkan bá jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọmọ tó kàn mọ̀ pé ilé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ti ń dárúkọ rẹ̀ á gbà á. Bí ẹmú àti ọmọ owú bá wà níbẹ̀, ìyẹn ò tó mọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iná ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ ń wá ló máa sọ èyí tó dára. Fún kíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n jìnnà síra. Fún kíláàsì tó ti lo odindi sáà lórí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ìkà nínú kí irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ mẹ́ta fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àméfò ti kú. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nínú mẹ́fà-sí-mẹ́ta ṣì ń retí ìdajì máàkì nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdì mẹ́wàá, máàkì 5 nínú 30 nìyẹn, láìmọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nítorí náà, 6 nínú 30 kì í ṣe ẹ̀rí pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Nínú mẹ́ta-sí-mẹ́ta, ìrètí aláìmọ̀kan yẹn ì bá jẹ́ 10.

Lẹ́yìn ìdánwò ni iṣẹ́ tó dùn jù wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn díẹ̀ ló ń ṣe é. Ká sọ pé ogójì ọmọ ló dáhùn ìdì wa yẹn, olùkọ́ sì ka ohun tí wọ́n mú fún iná alágbẹ̀dẹ. Mọ́kànlélógún mú ẹwìrì, mẹ́sàn-án mú ẹmú, mẹ́jọ mú ọmọ owú, méjì mú igbà. Kò sẹ́ni tó mú abẹ. Ìyẹn ò ṣòro láti lóye, abẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìdì náà. Àmọ́ àwọ̀n náà, òun tí wọ́n mú wá láti lé, kò rí ẹyọ ẹnì kan tàn jẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú ohun tí wọ́n mú fún irun tàbí fún ọ̀pẹ. Gbogbo kíláàsì mọ àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni olùkọ́ tẹ̀, márùn-ún ni àwọn ọmọ rí. Kó tún wo ìwé àwọn mẹ́sàn-án tó mú ẹmú. Bí wọ́n bá jẹ́ àwọn tó ń gba máàkì kékeré níbi tó kù, ìbéèrè náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ àwọn tó mọ̀wé jù ní kíláàsì, ó yẹ kó padà lọ wo ohun tó kọ́ wọn nípa ẹmú.

Àwọ̀n á jáde, kí ọ̀rọ̀ tó ṣòro díẹ̀ sí i wọlé. Ìwọ̀ wù ú, ìyẹn irin kíkọ́ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, nítorí pé ọmọ ìlú ńlá tó mọ àwọ̀n lè má mọ̀ ọ́n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a tẹ̀wé. Nígbà tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ padà dé, ó fi ìka tẹ̀ lé e lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan: abẹ, ẹmú, ẹwìrì, igbà, ọmọ owú. Láàárín igbà àti ọmọ owú, ohun tí wọ́n tẹ̀ ni “ìwọ.”